Ibi Tí Eegun Ọmọdé Ti Ń Gùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè tí àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè jù ni mo kó jọ síbí. Eegun itan, ní apá tó sún mọ́ orúnkún, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, torí pé níbẹ̀ ni eegun ti ń yára gùn jù lọ nínú ẹsẹ̀.

Apá ibo gan-an ni eegun ti ń gùn?

Kì í ṣe àárín. Eegun gígùn ní ọ̀pá láàárín, ó ní orí ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ọrùn tó so orí pọ̀ mọ́ ọ̀pá. Láàárín orí àti ọrùn yìí ni kerekere pẹlẹbẹ kan wà tí kò nípọn ju mìlímítà mélòó kan lọ. Ibẹ̀ ni màá máa pè ní ojú ìdàgbà. Gbogbo gígùn tí ọ̀pá eegun ń ní, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí. Ní ọdún 1727, Stephen Hales, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun lu ihò kéékèèké méjì sí eegun ẹsẹ̀ òròmọdìẹ. Nígbà tó wò ó lẹ́yìn oṣù méjì, eegun ti gùn sí i dáadáa, àmọ́ àlàfo tó wà láàárín ihò méjèèjì kò yí padà rárá. Bó bá jẹ́ pé eegun ń fà bí rọ́bà ni, ihò méjèèjì ì bá ti jìnnà síra.

Kí ló dé tó fi jẹ́ kerekere ni ara ń lò, tí kò lo eegun fúnra rẹ̀?

Ẹ tẹ etí yín wò. Ó tẹ̀, ó sì padà sí ipò rẹ̀. Kerekere nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lè pín sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wú, kí wọ́n sì ti ara wọn sọ́tùn-ún sósì, torí pé ohun tó yí wọn ká rọ̀, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Eegun ò gba irú ẹ̀. Kálísíọ́mù àti fọ́sífétì ti dì í pa, sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ ti há. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí eegun fi lè tóbi ni kí a máa lẹ eegun tuntun mọ́ ojú rẹ̀ lóde. Ohun tó lè fẹ̀ láti inú wá ni kerekere, ohun tó lè gbé ẹrù ara ni eegun. Ara ọmọdé nílò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni kerekere fi ń ṣíwájú tí eegun sì ń tẹ̀ lé e.

Ṣé kerekere ló ń le tó fi di eegun?

Rárá o, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí, kódà mo ti bá a pàdé nínú ìwé ìdánwò àìmọye akẹ́kọ̀ọ́. Lóòótọ́, kerekere ń le díẹ̀ níkẹyìn, àmọ́ kerekere tó le kì í ṣe eegun. Ńṣe ni wọ́n ń wó o, tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn sì ń mọ eegun sí orí àwókù rẹ̀. Ìrọ́pò ni, kì í ṣe ìyípadà. Ìyàtọ̀ yìí ló ń ṣàlàyé gbogbo àìsàn tí mo máa mẹ́nu bà nísàlẹ̀.

Ìpele mélòó ló wà nínú ojú ìdàgbà?

Mẹ́rin ni mo máa ń kà. Àwọn ìwé kan ka mẹ́ta, àwọn mìíràn ka márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú, ohun kan náà ni wọ́n ń wò. Ẹ fi sọ́kàn pé orí eegun ni mò ń pè ní òkè, ọrùn ni ìsàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ìsàlẹ̀ eegun itan, orí yìí ló wà nísàlẹ̀ gan-an bí ọmọ bá dúró. Láti ọ̀dọ̀ orí eegun sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, wọ́n tò báyìí: ìpele ìsinmi, ìpele ìbísí, ìpele ìwú, àti ìpele ìlekoko. Lẹ́yìn ìyẹn, eegun tuntun ló kàn.

Bí ẹ bá fi maikirosíkóòpù wò ó, ìyàtọ̀ wọn hàn kedere. Lókè, sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó rí róbótó fọ́n káàkiri, wọn ò tò. Bí ojú yín bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ẹ óò rí i tí wọ́n di pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì tò léra wọn bí àwo tí a kó jọ lẹ́yìn oúnjẹ, òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kejì. Níwájú sí i, inú òpó kan náà, àwo pẹlẹbẹ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó di bọ́ọ̀lù ńlá tó mọ́ roro. Nísàlẹ̀ pátápátá, ògiri tó wà láàárín òpó kan àti èkejì ti ṣókùnkùn nítorí kálísíọ́mù, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì ti ń wọlé.

Kí ni sẹ́ẹ̀lì kan máa ń là kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀?

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìpele ìsinmi. Orúkọ náà tan ni díẹ̀, torí pé iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀: ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn á pín, ọmọ rẹ̀ á sì lọ dá òpó tuntun sílẹ̀.

Ní ìpele ìbísí, sẹ́ẹ̀lì náà á máa pín léraléra. Ọmọ méjèèjì tó bá jáde á kọ́kọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lẹ́yìn náà ọ̀kan á yọ́ wọ abẹ́ èkejì kí òpó náà lè máa gùn dípò kó máa fẹ̀. Bí títò yìí bá bàjẹ́, eegun á kúrú bó ti wù kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ tó.

Nígbà tó bá yá, sẹ́ẹ̀lì á dáwọ́ pípín dúró, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mu, á máa pèsè èròjà tuntun sínú ara rẹ̀, títí tí yóò fi tóbi ní ìlọ́po-ìlọ́po ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ní òpin ayé rẹ̀, yóò tú àwọn àpò tíntìntín sínú ògiri tó yí i ká, inú àpò wọ̀nyẹn sì ni kálísíọ́mù àti fọ́sífétì ti kọ́kọ́ ń dì. Lẹ́yìn èyí, iṣan ẹ̀jẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á sì parí.

Ohun kan wà tí àwòrán inú ìwé máa ń fi pa mọ́. A máa ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni orí eegun gan-an ló ń lọ sókè. Òpó ń ti orí eegun jìnnà sí ọ̀pá, eegun tuntun sì ń lé e lẹ́yìn.

Ìpele wo ló ń fa gígùn jù lọ?

Ọ̀pọ̀ á sọ pé ìpele ìbísí, torí pé ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pọ̀ sí i. Àmọ́ ìwú ló ń kó apá tó pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó kàn pọ̀ sí i kì í ga púpọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ga ní ìlọ́po mélòó kan ló ń gbé orí eegun sókè. Ìdí nìyẹn tí ojú ìdàgbà tó ń yára, bíi ti orúnkún, fi ní sẹ́ẹ̀lì tó wú ju ti ibi tó ń lọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìsàlẹ̀ eegun itan ń gùn ní nǹkan bíi mìlímítà 9 lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun ṣe máa ń lò ó. Bí a bá pín ìyẹn sí ọjọ́ 365, yóò jẹ́ nǹkan bíi ìdá 25 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lójoojúmọ́. Ká sọ pé sẹ́ẹ̀lì tó ti wú tán ga tó ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ìyẹn ni pé nínú òpó kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni eegun ń gbà lọ láàárín ọjọ́ kan ó lé díẹ̀. Nǹkan bíi ogójì ọjọ́ ni mìlímítà kan máa ń gbà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó ló sì ń ṣe èyí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni orí eegun fi ń dìde láìwọ́.

Báwo gan-an ni eegun ṣe ń gba ipò kerekere?

Ẹ wo òpó náà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ní ògiri gígùn tó dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀ láàárín òpó méjì, ó sì ní àjà tín-ín-rín láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ògiri gígùn nìkan ni kálísíọ́mù máa ń wọ̀. Àjà kì í le. Ìyẹn ló ń pinnu ọ̀nà tí ìwólulẹ̀ máa gbà.

Sẹ́ẹ̀lì tó ti wú máa ń ránṣẹ́ pe iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ọrùn eegun. Àwọn iṣan tín-ín-rín yìí á gòkè wá, wọn á fọ́ àjà tó rọ̀ náà, wọn á sì wọ yàrá tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ kerekere àti eegun bá wọn wọlé, wọ́n á jẹ ọ̀pọ̀ nínú ògiri gígùn náà. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì pé kí wọ́n má jẹ ẹ́ tán ni pé èyí tó ṣẹ́ kù ló máa jẹ́ òpó ìdúró. Lẹ́yìn wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì amọ-eegun dé, wọ́n á tò sára òpó ìdúró yìí, wọ́n á sì máa lẹ eegun mọ́ ọn ní ìpele-ìpele. Bí ẹ bá gé eegun tuntun yìí wò, kerekere tó le á wà láàárín bí òwú inú àbẹ́là, eegun á sì yí i ká.

Eegun àkọ́kọ́ yìí ò pẹ́. Láìpẹ́ láìjìnnà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun á tún padà wá, wọ́n á jẹ ẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì amọ-eegun á sì fi èyí tó le jù rọ́pò rẹ̀. Ọrùn eegun tó gbòòrò náà á dín díẹ̀díẹ̀ lóde títí tí yóò fi tó ìbú ọ̀pá.

Kí ló dé tí eegun ò fi jẹ kerekere náà tán?

Torí pé òkè ń pèsè bí ìsàlẹ̀ ṣe ń jẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú máa ń ránṣẹ́ sókè, àwọn ti òkè á sì dáhùn pẹ̀lú èròjà kan tó ń dá wíwú àwọn tó ń pín dúró, kí wọ́n lè máa pín lọ. Bí àwọn tó fẹ́ wú bá pọ̀ jù, ìránṣẹ́ wọn á pọ̀, ìdádúró á sì le sí i. Bí wọ́n bá dín kù, ìdádúró á tú. Ìdí nìyẹn tí ojú ìdàgbà fi lè nípọn tó bákan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ kò sí sẹ́ẹ̀lì kan tó pẹ́ nínú òpó.

Wọ́n ya ẹ́kísíréè fún ọmọ mi, ilà dúdú kan sì wà nítòsí orúnkún. Ṣé eegun rẹ̀ kán ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ìdàgbà ni. Kerekere ò ní kálísíọ́mù tó pọ̀, ẹ́kísíréè ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ó máa ń dà bí àlàfo dúdú láàárín orí eegun àti ọrùn. Ìpele ìlekoko ló fa ilà funfun tín-ín-rín tó wà ní etí rẹ̀ tó kọjú sí ọrùn eegun. Etí tó mọ́lẹ̀ tónítóní tó sì dọ́gba pẹ̀lú ti ẹsẹ̀ kejì kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Dókítà tó bá ń ṣiyèméjì máa ń ya ẹsẹ̀ kejì láti fi wéra. Àmọ́ bí ọmọ bá ń pariwo nígbà tí a bá tẹ ibẹ̀ gan-an, ẹ má fi àwòrán tó dára tu ara yín nínú, torí pé kerekere lè yọ díẹ̀ kí ẹ́kísíréè má sì fi hàn.

Kí ni àìtó fítámì D ń ṣe sí àwọn ìpele yìí? Ṣé ohun kan náà ni àìtó fítámì C?

Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń dá iṣẹ́ dúró yàtọ̀. Nígbà tí fítámì D tàbí kálísíọ́mù ò tó, fọ́sífétì inú ẹ̀jẹ̀ náà á lọ sílẹ̀. Fọ́sífétì yìí sì wà lára ohun tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì tó ti wú pé àkókò ikú ti tó. Bí kò bá sí i, sẹ́ẹ̀lì ò kú, ògiri gígùn ò le, iṣan ẹ̀jẹ̀ ò sì rí ọ̀nà wọlé dáadáa. Àwọn tó wà lókè ń pín lọ ní tiwọn. Kerekere rírọ̀ á wá kóra jọ, ojú ìdàgbà á fẹ̀, ìwúwo ara á sì tẹ̀ ẹ́. Ọrùn ọwọ́ ọmọ á wú, ẹsẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun. Lórí ẹ́kísíréè, etí ọrùn eegun á ṣe jẹ́gẹjẹ̀gẹ bí etí aṣọ tó ti gbó, á sì jin bí àwo. Bí ìtọ́jú bá ń ṣiṣẹ́, ilà funfun ìpele ìlekoko ló máa kọ́kọ́ padà, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ni kì í tètè tò.

Àìtó fítámì C ń dojú rẹ̀ délẹ̀. Kerekere á le bó ti yẹ, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì amọ-eegun ò lè pèsè ohun tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn. Kerekere líle á kóra jọ láìrí eegun, á hàn bí ilà funfun tó nípọn ju bó ti yẹ lọ, abẹ́ rẹ̀ sì máa fúyẹ́, á máa kán ní ìrọ̀rùn. Bí ẹ bá lóye ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dúró, ẹ ò ní nílò láti há àwòrán méjèèjì sórí.

Bí ojú ìdàgbà bá kán, ṣé ẹsẹ̀ ọmọ á kúrú?

Kò pọn dandan. Ìpele ìwú ni ọ̀pọ̀ irú kíkán yìí máa ń gbà kọjá, torí pé sẹ́ẹ̀lì ti gba ibẹ̀ tán, ògiri tó ṣẹ́ kù tín-ín-rín, kò sì tíì le. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pín á wà lókè pẹ̀lú orí eegun, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ wọn ti ń wá. Wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ lẹ́yìn tí a bá to eegun. Salter àti Harris, oníṣẹ́ abẹ eegun méjì ní Tòróńtò, pín irú kíkán yìí sí márùn-ún ní ọdún 1963, ohun tó sì mú kí méjì nínú wọn burú ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ ni pé wọ́n ń gba inú ìpele tó ń pín kọjá. Ẹ̀karùn-ún ń tẹ̀ wọ́n fọ́.

Ojú ìdàgbà ìsàlẹ̀ eegun itan ò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rí wúruwùru, nítorí náà bó bá kán, ó máa ń ṣòro kí ìpele ìbísí má fara gbá. Ká mú ọmọbìnrin ọdún 10 kan tí ibẹ̀ kán, tí eegun sì gba inú kerekere kọjá bí afárá láti orí dé ọrùn, tí ojú ìdàgbà náà dúró pátápátá. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ gbà pé ọmọbìnrin máa ń dáwọ́ gígùn dúró ní ọdún 14, ọmọkùnrin ní 16. Ọdún mẹ́rin ló kù, 9 ní ìgbà mẹ́rin sì jẹ́ 36. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ náà á kúrú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.6. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni afárá náà wà, kì í ṣe kíkúrú nìkan: ẹ̀gbẹ́ kejì á máa gùn, ẹsẹ̀ á sì máa yà sí apá tó dúró.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ tètè dára púpọ̀. Ìfarapa máa ń dá gígùn dúró fún ìgbà díẹ̀, eegun tó hù lásìkò náà á sì fi ilà funfun kan sílẹ̀. Bí gígùn bá padà, ilà náà á máa jìnnà sí ojú ìdàgbà. Ní oṣù mẹ́fà, ó yẹ kó ti kúrò tó bíi mìlímítà 4 sí 5, kó sì dọ́gba láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Bó bá ṣe gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tí apá kan rẹ̀ sì fara kan kerekere, ibẹ̀ ni afárá wà. Oníṣẹ́ abẹ lè gé afárá kúrò bí kò bá gba tó ìdajì ojú ìdàgbà, tí ọmọ sì ṣì ní ó kéré tán ọdún méjì láti gùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ronú bóyá kí wọ́n dá ẹsẹ̀ kejì dúró, tàbí kí wọ́n fa èyí tó kúrú gùn.

Kí ló ń ti ojú ìdàgbà pa? Kí ló dé tí họ́mọ́nù obìnrin fi lọ́wọ́ sí i lára ọkùnrin pàápàá?

Agbára sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ láti máa pín ń tán díẹ̀díẹ̀. Ẹsitírójìn, ìyẹn họ́mọ́nù obìnrin náà, ń mú kí ó yára tán, títí tí eegun yóò fi la kerekere já tí orí àti ọ̀pá á di ọ̀kan. Ní ìgbà ìbàlágà, ó máa ń kọ́kọ́ ran gígùn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà á ti ilẹ̀kùn.

Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti rò pé testosterónì, họ́mọ́nù ọkùnrin, ló ń ti ojú ìdàgbà pa lára ọkùnrin. Ní ọdún 1994, wọ́n ròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tí ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba ìránṣẹ́ ẹsitírójìn ò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Testosterónì rẹ̀ ò ní àbùkù, àmọ́ ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 204, ó sì ṣì ń gùn, torí pé ojú ìdàgbà rẹ̀ ò tíì pa dé. Ọjọ́ orí eegun rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ọdún 15. Ara ọkùnrin máa ń sọ lára testosterónì di ẹsitírójìn, èyí ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ṣé lóòótọ́ ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wú máa ń kú?

Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn, apá kan nínú rẹ̀ sì ṣì dúró. Àmọ́ láti ọdún 2014, ìwádìí tó fi àwọ̀ sàmì sí sẹ́ẹ̀lì inú ara eku ti fi hàn pé àwọn kan nínú wọn máa ń la ìwólulẹ̀ já, tí àtìrandíran wọn sì ń di sẹ́ẹ̀lì amọ-eegun. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ lókè pé ìrọ́pò ni, ohun tí mò ń sọ nípa rẹ̀ ni ògiri kerekere. Ìyẹn ò yí padà di eegun rí. Ní ti sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé inú rẹ̀, àwọn kan á kú, àwọn kan á sì pààrọ̀ iṣẹ́.